Túfọ̀ Lórí Pátákó

Nínú gbogbo ìwé tí à ń kọ ní ọ́fíìsì, ọ̀kan wà tí wọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ti í kọ ọ́. Wọ́n a máa kọ́ akọ̀wé bí a ti í kọ ìwé ìpè sí ìpàdé, bí a ti í kọ ìwé ìkìlọ̀, àti bí a ti í béèrè owó lọ́wọ́ ẹ̀ka ìṣirò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan bá kú, ẹnì kan ni yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí yóò wá ìwé tí wọ́n kọ fún ẹni tó kú ṣáájú jáde, tí yóò pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́, tí yóò fi orúkọ tuntun rọ́pò rẹ̀, tí yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìsọfúnni kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé ìkéde abẹ́lé yìí, tí gbogbo wa ń pè ní mẹ́mò, ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ti í gbé ewì tàbí ìtàn yẹ̀ wò. Bí ó tilẹ̀ kúrú, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Òun ni túfọ̀ òde òní.

Èyí tí mo mọ̀ dáadáa jù lọ ni èyí tí wọ́n lẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Obìnrin tó kú náà ló ń tọ́jú yàrá fáìlì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá tú u sí èdè wa, ohun tó sọ nìyí:

“A kábàámọ̀ láti fi tó gbogbo òṣìṣẹ́ létí pé ẹlẹ́gbẹ́ wa ọ̀wọ́n, Ìyáàfin Lágbájá, ti fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti bá àrùn báyìí-báyìí jìjàkadì fún ọdún 2. Òṣìṣẹ́ aláápọn, olóòótọ́ àti onírẹ̀lẹ̀ ni. Àlàfo tó fi sílẹ̀ yóò ṣòro láti dí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ní fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀ kàn sí yàrá 14 láti ọ̀la lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Níbi tí mo kọ “àrùn báyìí-báyìí” sí, orúkọ àrùn náà gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi kò ní tún un dá, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn láìpẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí níwájú pátákó náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ó ka ìlà àkọ́kọ́ tán, ó yíjú sí mi, ó sì béèrè pé ọ́fíìsì wo ni wọ́n gbé Ìyáàfin náà lọ. Kò ya aláìmọ̀kan. Ní ibi iṣẹ́, ẹni tó bá ti “fi wá sílẹ̀” ni ẹni tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ìgbà tí ó ka ìwé náà dé ìdí àdúrà tó kẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sórí.

Ẹnì kejì kò bá mi rẹ́rìn-ín, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò olóògbé wá kó ẹrù rẹ̀, ó sì mú ọmọbìnrin olóògbé, ọmọ ọdún 15, lọ́wọ́. Nígbà tí àbúrò ń fọwọ́ sí ìwé ní yàrá kan, ọmọ náà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń ka ohun tó wà lórí pátákó. Ọgbẹ́ inú ni ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ó ń ṣe òun. Ohun tí ìyá fi ọdún 2 gbáko bò mọ́lẹ̀ kí ọmọ lè ka ìwé rẹ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, pátákó sọ ọ́ fún un ní ìṣẹ́jú kan, níwájú àwọn àjèjì.

Báwo ni ọ́fíìsì ṣe mọ orúkọ àrùn náà? Ìbéèrè yìí ni ìdí ọ̀rọ̀. Olóògbé kò sọ ọ́ fún ẹlẹ́gbẹ́ kankan. Ìwé dókítà ni ó fi tọrọ ìsinmi àìsàn, ìwé náà sì wọ inú fáìlì rẹ̀. Ẹni tó kọ mẹ́mò ṣí fáìlì láti wo ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ó rí ìwé dókítà, ó sì kọ ohun tó rí. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ó rò pé bí òun bá dárúkọ àrùn náà, ìwé òun yóò ní àánú nínú. Ṣùgbọ́n nítorí ìsinmi ni olóògbé ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sọ́wọ́ ọ́fíìsì, kò fi í pamọ́ nítorí ìkéde. Ikú kò sọ ohun tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹni di tẹni. Àwọn dókítà mọ èyí dáadáa: òfin iṣẹ́ wọn ní Bìrìtéènì sọ ọ́ gbangba pé àṣírí aláìsàn ṣì wà lọ́rùn dókítà lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti kú.

Ẹ̀bi mẹ́mò yìí, nígbà náà, kì í ṣe pé ó sọ̀rọ̀ jù tàbí pé ó sọ̀rọ̀ kéré. Ibi tó yẹ kí ó là ni ó bò, ibi tó yẹ kí ó bò ni ó là. Ó fi aṣọ bo ikú fúnra rẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, ó sì ṣí aṣọ lára àrùn, tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì.

Àwọn kan yóò sọ pé àwa Yorùbá la fà á, nítorí pé a kì í pe ikú ní ikú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni a ń sọ pé ọba wàjà, pé àgbà papò dà, pé onígbàgbọ́ sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rú ẹni tó gbọ́ èdè lójú. Bí a bá ní ọba wàjà, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ìtẹ́ ti ṣófo. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtànjẹ. “Jáde láyé” jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ó sì là ketekete. “Fi wá sílẹ̀” tí a tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ ti ọ̀wọ̀, tí kò sì là. Àrùn àti ohun tó fa ikú sì ni àwọn baba wa máa ń bò jù. Ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá pa, àwọn ẹbí rẹ̀ kì í pariwo ẹkún; ọpẹ́ ni wọ́n máa ń dá, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń pe Ṣọ̀pọ̀nná ní Alápadúpẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣà wa gan-an ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: a ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹni náà kú, a sì ń ṣọ́ ẹnu nípa ohun tó pa á. Ọ́fíìsì ló yí i padà.

Ohun kejì tí túfọ̀ fi ju mẹ́mò lọ ni pé ó ní ẹni tó ni ín. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ló lè túfọ̀. Nígbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2015, ìwé ìròyìn ti gbé e kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Ifẹ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì di ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó kéde rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí àwọn ìjòyè ń ṣọ́ jẹ́ ohun gidi, èyíinì ni pé ìròyìn ikú ní ìlà tó gbọ́dọ̀ tọ̀, àti pé àwọn kan gbọ́dọ̀ gbọ́ ṣáájú àwọn kan. Ohun tí wọ́n sì pàdánù jẹ́ ohun gidi pẹ̀lú, nítorí pé fún bí ọ̀sẹ̀ 2 ni àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ ohùn méjì, tí wọn kò sì mọ èyí tí wọn ì bá gbàgbọ́. Ọ́fíìsì kì í ṣe ààfin, kò sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí ó bá dúró di ìrọ̀lẹ́ pàápàá, tẹlifóònù yóò ti ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn ṣì wà, ó kàn kúrú ni.

Ìlà náà kò nira láti mọ̀. Àwọn ẹbí ni ó ti bẹ̀rẹ̀: kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n yàn sọ̀rọ̀, kí ó rí i dájú pé òótọ́ ni, kí ó sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọ́fíìsì sọ àti ohun tí wọn kò fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó pe àwọn tó ń bá olóògbé jókòó nínú yàrá kan náà, kí ó sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, nítorí ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tẹ àwọn tó wà ní ìsinmi àti àwọn tó wà ní ẹ̀ka mìíràn láago. Ìgbà náà ni mẹ́mò tó kàn. Bí Mùsùlùmí bá ni olóògbé, tí ìsìnkú yóò wáyé lọ́jọ́ náà gan-an, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ, nítorí mẹ́mò tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú ti fi àǹfààní àtisìnkú du àwọn ẹlẹ́gbẹ́. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ìwé méjì ló dára: ìlà mẹ́ta nísinsìnyí, tí yóò sọ ẹni tó kú, ibi ìsìnkú àti wákàtí rẹ̀, ìwé tó kún yóò tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ní gbogbo ayé, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti ń wò ṣe àwòkọ́ṣe láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Apple sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, jáde láyé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Tim Cook, tó ti gba ipò rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, kọ ímeèlì sí gbogbo òṣìṣẹ́. Ìwé náà kúrú. Ó sọ pé òun ní ìròyìn ìbànújẹ́, ó sì sọ ìròyìn náà nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Ó sọ ohun tí ilé iṣẹ́ àti ayé pàdánù. Ó ṣèlérí ayẹyẹ ìrántí fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì fún wọn ní àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n lè fi ìrántí wọn ránṣẹ́ sí. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí pé àwọn yóò máa bá iṣẹ́ tí olóògbé fẹ́ràn lọ, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ẹ kíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Jobs ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 2004. Síbẹ̀, Cook kò dárúkọ àìsàn kankan. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù náà, ìwé ẹ̀rí ikú tí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ fi síta sọ ohun tó pa á. Ohun tó tọ́ láti di mímọ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde, ìwé ọ̀gá kò sì pàdánù ohunkóhun nítorí pé kò sọ ọ́. Ní ti òótọ́ àti ti àṣírí, mẹ́mò yìí yege.

Ṣùgbọ́n ní ti ìmọ̀lára, mo ní àríyànjiyàn pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí n sọ pé pẹ̀lú àwọn tó ń wò ó kọ. Àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn inú rẹ̀, bí aríran, ọ̀rẹ́ tòótọ́ àti atọ́nisọ́nà, jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Kò sí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀ tí Jobs ṣe ní ọjọ́ kan pàtó. Èyí kò pa á lára, nítorí pé ẹni tó ń ka ìwé náà ti mọ ẹni tí à ń sọ. Ohun tí Jobs ṣe wà lórí tábìlì rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹran kún egungun ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ń tọ́jú yàrá fáìlì. “Aláápọn, olóòótọ́, onírẹ̀lẹ̀”: ta ni kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kú? Ìyìn tó bá gbogbo ènìyàn mu kò mọ ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ gbogboogbò tí kò dí gbajúmọ̀ lọ́wọ́ ni ó ń pa mẹ̀kúnnù rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe. Ní ọdún kan tí òjò ya wọ yàrá fáìlì, ó ta okùn láti ojú fèrèsé kan sí èkejì, ó sì ń sá ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sá aṣọ títí wọ́n fi gbẹ. Òun ló kọ́ ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ bí a ti í ka nọ́ńbà ẹ̀yìn fáìlì. Ẹni tí a bá rántí irú nǹkan báyìí nípa rẹ̀, a kò nílò àrùn láti fi ru àánú sókè. Mo rò pé ìdí tí akọ̀wé wa fi dárúkọ àrùn nìyí: ó fẹ́ ohun kan tó jẹ́ ti olóògbé nìkan, kò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ó sì mú èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú fáìlì.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwọn tó bẹ̀rù àṣírí máa ń gbà, èyíinì ni “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́”. Gbólóhùn yìí ti di ẹran ara ìkéde òkú ní ilẹ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ó ti sọ ju ohun tó yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ irọ́, àwọn tó fi ọdún 2 gbé olóògbé lọ gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn yóò kà á, wọn yóò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ohun tó fa ikú, kí ó dákẹ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à á sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni òwe náà ń sọ, kò sọ pé kí a fi ààbọ̀ irọ́ dípò rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ààlà. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, tí ó sì di pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kú, títí kan Dókítà Ameyo Adadevoh ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, ìwé tí kò bá sọ ohun tó fa ikú ì bá ti pa àwọn ẹlòmíràn. Bákan náà ni ó rí bí ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ bá pa òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ewu ni à ń kéde, kì í ṣe ara olóògbé. Ohun tí ẹlẹ́gbẹ́ nílò ni bí ó bá ti fara kan ewu náà àti ohun tí yóò ṣe. Ní ti Ẹ̀bólà, kí wọ́n máa ṣọ́ ara rẹ̀ fún ọjọ́ 21. Bí olóògbé ṣe jìyà ní alẹ́ tó kẹ́yìn kò sí lára ohun tó nílò.

Bí wọ́n bá ní kí n tún mẹ́mò wa kọ, báyìí ni ǹ bá kọ ọ́:

“Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni mo fi ń sọ fún yín pé Ìyáàfin Lágbájá, tó ń tọ́jú yàrá fáìlì, jáde láyé ní àárọ̀ àná, ọjọ́ Ajé. Ìdílé rẹ̀ ló fún wa láṣẹ láti sọ èyí, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí a má béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò yìí. Ọdún 19 ni ó fi bá wa ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó kọ́ bí a ti í wá fáìlì rí, àwọn tó pẹ́ níbí kò sì ní gbàgbé ọdún tí òjò wọ yàrá náà, tí ó sá gbogbo ìwé inú rẹ̀ sórí okùn. Ìwé ìbánikẹ́dùn wà ní yàrá ìpàdé títí di ọjọ́ Ẹtì. Èmi fúnra mi ni yóò gbé e fún ìdílé. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ ìsìnkú, a ó fi tó yín létí, a ó sì yọ̀ǹda fún ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yóò dé nínú ìwé mìíràn.”

Ọ̀gá ni yóò fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Yàrá 14 kò sí níbẹ̀, nítorí pé fáìlì lè dúró di ọ̀la. Owó kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po 3 gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ èyí fún àwọn ẹbí kíákíá. Ṣùgbọ́n inú lẹ́tà tiwọn ni yóò wà, níbi tí ojú àwọn àna àti olùyáwó kò ní dé.

Wọ́n yọ mẹ́mò ti àkọ́kọ́ kúrò lórí pátákó ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sì lẹ ìkéde ìpàdé sí ipò rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì pé ọmọ kan dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń kọ irú ìwé yìí máa ronú nípa ọmọ náà. Òun kọ́ ni a kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ó dájú pé yóò kà á.